Bí a ṣe lè dúpẹ́ lójú àwùjọ láìsọ ọ́ di ìpè orúkọ

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi àyẹyẹ máa ń bi mí: ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fún mi, orúkọ tí ó yẹ kí n dá sì lé ní ogójì, báwo ni n ó ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn tí ọ̀rọ̀ mi kò fi ní sú àwùjọ, tí ẹni tí mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sì mọ̀ pé inú mi ni ó ti wá? Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹ má ṣe to orúkọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni kí ẹ tò. Ẹ mú ẹni mẹ́ta tí ẹ ó sọ iṣẹ́ wọn ní kíkún, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn yòókù ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí ẹ sì gbé àkójọ orúkọ náà kúrò lẹ́nu lọ sórí ìwé. Bí a ṣe ń ṣe é ni ó gba àlàyé, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣẹ ẹni tí wọn kò fẹ́ ṣẹ̀.

## Ohun tí kíka orúkọ ń bàjẹ́

Ẹ fi fóònù yín ka àkókò bí ẹ bá ń pe orúkọ ènìyàn pẹ̀lú oyè rẹ̀ àti ipò rẹ̀. Yóò gba bí ìṣẹ́jú-àáyá 5. Bí orúkọ bá jẹ́ 41, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 25 ti lọ, ẹ kò sì tíì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ kò ní ohun tí yóò gbọ́, ẹni tí orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ ń dúró de tirẹ̀ nìkan. Tí ẹ bá ti pè é tán, etí rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ yín.

Ìwádìí kan wà tí ó ràn mí lọ́wọ́ láti lóye ìdí rẹ̀. Ní ọdún 2016, Sara Algoe, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí bí àwọn olólùfẹ́ méjì ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n ya apá méjì sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́: apá tí ó ń yin ẹni tí ó ṣe oore nítorí ohun tí ó ṣe, àti apá tí ó ń sọ àǹfààní tí olùdúpẹ́ rí gbà. Apá àkọ́kọ́ ni ó bá ìmọ̀lára rere ẹni tí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rìn. Ti ìkejì kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ láàárín ẹni méjì ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lórí pèpéle, nítorí náà n kò ní fi ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí mo máa ń rí mu: orúkọ lásán kò yin ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni «inú mi dùn púpọ̀» kò yin ẹnikẹ́ni.

## Ohun tí ẹ ó ní lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fún yín fún gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Ìdúpẹ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ.
- Ẹni méjì tí ó bá yín ṣe iṣẹ́ náà, tí ó lè bá yín yẹ orúkọ wò.
- Ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán, kí ọjọ́ náà tó pé.
- Ìdánilójú pé ìwé ètò yóò wà, tàbí pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà tí a lè lẹ orúkọ mọ́.

## Bí a ṣe ń tò ó

1. Ẹ kọ gbogbo orúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ iṣẹ́ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má tíì yọ ẹnikẹ́ni kúrò. Iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ gbólóhùn kan tí ó sọ ohun tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹni náà ṣe: ó gbé àga wá, ó tún òrùlé ṣe, ó dúró ti àwọn ọmọ títí alẹ́. Bí ó bá jẹ́ «àtìlẹ́yìn rẹ̀» tàbí «ìrànlọ́wọ́ rẹ̀» nìkan ni ẹ rí kọ, ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ ń dúpẹ́ fún. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹni méjì tí mo mẹ́nu bà lókè, kí wọ́n fi orúkọ tí ẹ gbàgbé kún un. Ẹnì kan ṣoṣo kì í rántí tán, nítorí pé iṣẹ́ tí ó ṣẹlẹ̀ níṣojú rẹ̀ nìkan ni ó máa ń wá sí i lọ́kàn.

2. Ẹ pín orúkọ náà sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ọ̀nà kìíní ni àwọn tí ẹ ó sọ iṣẹ́ wọn ní kíkún. Mẹ́ta tó; bí ó bá di márùn-ún, ó ti ń padà di ìpè orúkọ. Ọ̀nà kejì ni àwọn tí ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní ọ̀wọ́, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe. Ọ̀nà kẹta ni ìwé, gbogbo orúkọ pátá ni yóò sì wà níbẹ̀, títí kan ti àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́.

Láti mọ ẹni tí yóò wà ní ọ̀nà kìíní, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè yìí lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan: bí kò bá sí ẹni yìí, kí ni kì bá tí ṣẹlẹ̀? Àwọn kan wà tí ìdáhùn yóò jẹ́ pé ẹlòmíràn ì bá ṣe é. Àwọn kan sì wà tí gbogbo iṣẹ́ náà ì bá dúró. Àwọn wọ̀nyí ni ẹ ń wá, ìgbà púpọ̀ ni wọn kì í sì í ṣe ẹni tí ó ní ipò jù. Ibí yìí ni ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn ènìyàn, nítorí wọ́n rò pé ọ̀gá yóò bínú bí a bá fi olùtọ́jú ilé ṣáájú rẹ̀. Ọ̀gá ní ibi tirẹ̀: atọ́kùn ètò ni ó yẹ kí ó kí àwọn ènìyàn pàtàkì ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ìkíni yẹn má baà dà pọ̀ mọ́ ìdúpẹ́ yín.

Ìkìlọ̀ kan wà lórí ọ̀nà kejì tí n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò. Nínú ọ̀wọ́ kan, bóyá kí ẹ dárúkọ gbogbo wọn tàbí kí ẹ má dárúkọ ẹnì kan. Èmi fúnra mi ti ṣẹ̀ sí èyí rí. Ẹni méje ni ó jọ se oúnjẹ fún ìpàdé kan tí mo sọ̀rọ̀ níbẹ̀; mo dárúkọ márùn-ún tí ó wá sí mi lẹ́nu, mo sì fi «àti àwọn yòókù» parí rẹ̀. Àwọn méjì tí ó kù ti gbé omi láti òwúrọ̀. Mo rí ojú wọn láti orí pèpéle, mo sì mọ̀ pé ì bá sàn fún wọn kí n má ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Dídárúkọ apá kan ń sọ fún apá kejì pé a wò ó, a sì rí i pé kò tó.

3. Ẹ bá àwọn mẹ́ta náà sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ẹ kò ní láti ka ohun tí ẹ kọ fún wọn. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè: ṣé wọ́n gbà kí a sọ ọ́ ní gbangba, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kí a pe orúkọ wọn, ṣé wọn yóò sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó fi owó ṣe oore ní ìkọ̀kọ̀ lè má fẹ́ kí ẹbí rẹ̀ gbọ́. Ẹni tí ó ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ara rẹ̀ kò yá lè má fẹ́ kí a mẹ́nu kan àìsàn. Ní ti orúkọ, ẹ ní kí ó pè é sétí yín, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i bí ẹ ṣe gbọ́ ọ, nítorí pé kò sí ìdúpẹ́ tí ó lè gbà wá lọ́wọ́ orúkọ tí a ṣì pè.

4. Ẹ kọ ìdúpẹ́ kọ̀ọ̀kan kí orúkọ lè gbẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ yìí ni ó ń yí gbogbo ọ̀rọ̀ náà padà, nítorí náà ẹ fún un ní àkókò. Ètò tí mo ń lò rọrùn:

- ohun tí ó ṣòro tàbí tí kò sí ní àkókò náà;
- ohun tí ẹni náà ṣe, pẹ̀lú ohun kan tí a lè fojú rí;
- ohun tí ó ti ibẹ̀ wá fún ẹlòmíràn, kì í ṣe fún yín nìkan;
- orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ẹ dákẹ́.

Orúkọ gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn nítorí pé ibi tí orúkọ bá ti jáde ni àtẹ́wọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ dárúkọ, ariwo yóò bo ohun tí ẹ fẹ́ sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀, tàbí kí àwùjọ dákẹ́ kí wọ́n má mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń sọ iṣẹ́ láìtíì dárúkọ, gbogbo ènìyàn ni yóò máa wo ẹ̀gbẹ́ ara wọn pé ta ni ẹni yìí, ẹni náà gan-an yóò sì ti mọ̀ láti gbólóhùn kejì. Ẹ óò rí i ní ojú rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 tó fún ẹnì kan.

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ dán an wò: ẹ fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò orúkọ rẹ̀. Bí gbogbo gbólóhùn bá ṣì jẹ́ òótọ́ fún ẹlòmíràn náà, ẹ kò tíì sọ nǹkan kan. «Ènìyàn rere ni, onísùúrù ni, kì í kọ iṣẹ́» bá ẹgbẹ̀rún ènìyàn mu.

5. Ẹ kọ ìdúpẹ́ ọ̀wọ́ ní gbólóhùn kan sí méjì.

Ẹ sọ iye wọn, ẹ sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ẹ sọ ibi tí a ti lè rí i. Ẹ lè ní kí wọ́n dìde tàbí kí wọ́n na ọwọ́ sókè. Ẹ fi méjèèjì lọ̀ wọ́n, kí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn má baà wà nínú ìṣòro. Bí ọ̀wọ́ bá ju méjì lọ, ẹ ní kí àwùjọ fi àtẹ́wọ́ pamọ́ títí ẹ ó fi kan ọ̀wọ́ ìkẹyìn. Àtẹ́wọ́ mẹ́rin tí ó tẹ̀lé ara wọn máa ń fúyẹ́ sí i ni. Ìkẹrin yóò kéré ju ti ìkíní lọ, ọ̀wọ́ kẹrin yóò sì kíyè sí i.

6. Ẹ yan ibi tí yóò wà nínú ọ̀rọ̀ yín.

Ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi í sí, ibẹ̀ ni ó sì burú jù. Àwùjọ kò tíì mọ ohun tí ẹ ṣe, kò tíì mọ bí ó ṣe le tó; báwo ni wọn yóò ṣe mọ ìwúwo iṣẹ́ ẹni tí ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ sọ ìtàn iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè fi ìdúpẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn náà, èyí tí mo fẹ́ràn jù, tàbí kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ lẹ́yìn ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ fi gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta pamọ́ fún ìparí, tí yóò sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó kàn láti ṣe, kí ọ̀rọ̀ yín má baà parí sórí «ẹ ṣeun, ẹ ṣeun» tí ohùn ń rọlẹ̀.

7. Ẹ kà á sókè, kí ẹ ka àkókò.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ kà á, ní ìdúró, pẹ̀lú ìdákẹ́ lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gùn jù, ẹ má ṣe gé díẹ̀díẹ̀ lára ti olúkúlùkù, nítorí pé ohun tí a lè fojú rí ni ẹ ó kọ́kọ́ gé. Ẹ mú ẹnì kan kúrò ní ọ̀nà kìíní lọ sí ọ̀wọ́ rẹ̀, kí ti àwọn yòókù lè wà ní pípé.

## Àpẹẹrẹ kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìgbìmọ̀ kan sọ gbọ̀ngàn àtijọ́ di yàrá ìkàwé fún àwọn ọmọdé, alága wọn sì ní ìṣẹ́jú 8 láti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìṣílé. Orúkọ 41 ni ó wà nínú ìwé rẹ̀: ọmọ ìgbìmọ̀ 6, ẹni 11 tí ó kan pákó tí ó sì kun ògiri ní ọjọ́ Sátidé láìgba owó, ẹni 17 tí ó fi ìwé tọrẹ, ẹni 4 tí ó fi owó sílẹ̀, àti ẹni 3 tí iṣẹ́ wọn kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. Àwọn mẹ́ta yìí ni ẹni tí ó yọ̀ǹda gbọ̀ngàn, màmá kan tí ó to àwọn ìwé, àti olùṣọ́ tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn òṣìṣẹ́.

Báyìí ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe sọ nípa màmá náà:

> Mo tún fẹ́ lo àǹfààní yìí láti dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ Màmá Lágbájá, ìyá rere, fún àtìlẹ́yìn ńlá tí wọ́n ṣe fún wa lórí àwọn ìwé wa.

A lè fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, kò ní yàtọ̀. Alága padà lọ bá ẹni tí ó wà níbẹ̀, ó béèrè ohun tí màmá náà ṣe gan-an, ó sì tún un kọ:

> Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwé 612 wà nílẹ̀ nínú àpótí, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú wọn. Màmá kan jókòó ti àwọn àpótí yẹn ní alaalẹ́ fún ọjọ́ 19. Wọ́n kọ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n lẹ ojú ìwé tí ó ya, wọ́n sì yọ èyí tí kò yẹ fún ọmọdé kúrò. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́fà lè wọlé, kí ó lọ tààrà sí ibi ìwé tirẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ àgbà kan. Màmá Lágbájá, ẹ ṣeun.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀rọ̀ «ńlá» tàbí «gidigidi» níbẹ̀. Ọjọ́ 19 àti ojú ìwé tí ó ya ti ṣe iṣẹ́ wọn. Ẹ tún kíyè sí i pé alága kò sọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀ rárá.

Ti olùṣọ́ náà kúrú jù, ó sì jẹ́ èyí tí mo rò pé ó dára jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

> Ọjọ́ Sátidé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbàkúgbà tí a bá dé ní aago méje òwúrọ̀, iná ti wà nítàn, ilẹ̀kùn sì ti wà ní ṣíṣí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó sì ní ọmọ òun náà yóò kàwé níbẹ̀. Tàmẹ̀dò, a dúpẹ́.

Fún àwọn ọ̀wọ́, gbólóhùn wọn rí báyìí: «Ògiri tí ẹ fara tì yẹn, ẹni 11 ni ó kùn ún, àwọn náà ni ó sì kan gbogbo pẹpẹ ìwé tí ẹ ń wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde tàbí kí ẹ na ọwọ́ sókè.» Lórí ẹni 4 tí ó fi owó sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ti ní kí a má dárúkọ òun. Nítorí náà, alága sọ pé ẹni mẹ́rin ni ó san owó pákó àti ọ̀dà kí a tó béèrè ẹ̀ẹ̀kejì, kò sì dárúkọ ẹnì kan tàbí iye owó. Kò ní kí àwọn wọ̀nyí dìde, nítorí pé ìdìde ẹni mẹ́ta yóò mú kí àwùjọ máa wá ẹni kẹrin kiri. Nínú ìwé ètò, orúkọ mẹ́ta wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlà kan tí ó kà pé «àti ẹnì kan tí ó ní kí a má dárúkọ òun».

Ẹ wo àkókò rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 kọ̀ọ̀kan jẹ́ 90. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ní nǹkan bí 12 kọ̀ọ̀kan jẹ́ 48. Gbólóhùn tí ó tọ́ka sí ìwé ètò gba nǹkan bí 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 150, ìyẹn ìṣẹ́jú 2 àtààbọ̀ nínú ìṣẹ́jú 8. Ó kéré sí ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 25 tí ìpè orúkọ ì bá gbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni 41 ti gbọ́ ohun tí a ń dúpẹ́ fún.

Gbólóhùn tí ó tọ́ka sí ìwé náà ṣe pàtàkì: «Orúkọ gbogbo ẹni tí ó fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí wà ní ojú ìwé kẹta ètò tí ó wà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú ohun tí olúkúlùkù ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á kí ẹ tó lọ sílé.» Iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ nínú ìwé náà, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kàn gbé ìpè orúkọ láti ẹnu lọ sórí bébà ni. Ẹ tò ó ní ìbámu pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ìtumọ̀ sí ẹni tí ó ṣáájú.

## Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

«Bí mo bá gbàgbé ẹnikẹ́ni, ẹ má bínú.» Gbólóhùn yìí ń sọ fún àwùjọ pé àkójọ náà kò pé, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó ṣubú. Ìwé ètò ti gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

«Àkókò kò ní jẹ́ kí n dárúkọ gbogbo yín.» Ẹni tí ó gbọ́ èyí mọ̀ pé àkókò wà fún àwọn kan, kò sì sí fún òun. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tọ́ka sí ìwé.

Sísọ ìdúpẹ́ di ìtàn ara ẹni. Ẹ ka iye ìgbà tí «mo», «mi» àti «èmi» jáde nínú ìdúpẹ́ ẹnì kan. Bí ó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ tún un kọ kí ẹni náà lè jẹ́ ẹni tí ń ṣe nǹkan nínú gbólóhùn.

Àpárá tí ẹni méjì nìkan mọ̀. Ẹni náà yóò rẹ́rìn-ín, àwọn tí ó kù yóò di àlejò. Ẹ fi sínú lẹ́tà.

Dídárúkọ olóògbé láàárín àwọn alààyè. Ẹ má ṣe fi í sí àárín ọ̀wọ́ tí a fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ fún un ní ibi tirẹ̀, kí ẹ bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdákẹ́ tẹ̀ lé e.

## Bí ipò yín bá yàtọ̀

Bí ẹ kò bá ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹ sọ iṣẹ́ rẹ̀ ní kíkún, kí ẹ sì gbé gbogbo àwọn yòókù lọ sórí ìwé tàbí ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Ní ọdún 2016, àwọn tí ó ṣètò àmì-ẹ̀yẹ Óskà ní kí àwọn tí a yàn kọ orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn sílẹ̀ ṣáájú, kí orúkọ náà lè máa kọjá nísàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n bá gba ẹ̀bùn, kí wọ́n sì lè fi ìṣẹ́jú-àáyá 45 tí a fún wọn sọ ohun mìíràn. Bí ẹ bá lo ọ̀nà yìí, ẹ jẹ́ kí orúkọ náà wà lójú tẹlifíṣọ̀n kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tàbí lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán. Bí ó bá ń kọjá lẹ́yìn yín nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀, orúkọ ara wọn ni wọn yóò máa wá, wọn kò sì ní gbọ́ yín.

Bí ó bá pọn dandan láti dárúkọ àwọn onígbọ̀wọ́. Bí àdéhùn bá ní kí a ka orúkọ wọn sókè, ẹ gbé e fún atọ́kùn ètò, kí ó kà á gẹ́gẹ́ bí ìkéde ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí. Ìkéde kò tijú pé òun jẹ́ ìkéde. Bí ẹ bá pò ó mọ́ ìdúpẹ́ yín, àwùjọ kò ní mọ èyí tí a sanwó fún yàtọ̀ sí èyí tí ó ti inú yín wá.

Bí àwọn tí ẹ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí wọ́n pọ̀ kọjá kíkà. Ẹ lè fi ìdákẹ́ rọ́pò orúkọ. Ní ọdún 1997, nígbà tí Fred Rogers, ẹni tí ó ń ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n fún àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, gba àmì-ẹ̀yẹ Ẹ́mì fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀, ó ní kí àwọn tí ó wà ní gbọ̀ngàn fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 ronú nípa àwọn tí ó fẹ́ràn wọn dé ibi tí wọ́n dé. Ó sọ fún wọn pé òun yóò wo aago, ó sì dákẹ́ ní tòótọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ sọ iye àkókò náà fún wọn kí ẹ tó dákẹ́, kí ẹ má sì gé e kúrú, bí ó ti wù kí ó gùn tó létí yín. Ẹ̀ẹ̀kan ni a lè lò ó níwájú àwùjọ kan náà.

Bí ẹkún bá lè gbé yín ní orúkọ kan. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà nínú àwọn mẹ́ta, kì í ṣe ìkẹyìn, kí ohùn yín lè padà bọ̀ sípò kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ìparí. Ẹ kọ gbólóhùn rẹ̀ ní kíkún sórí ìwé pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, nítorí pé ojú tí omi bò kì í ríran dáadáa.

## Ní ọjọ́ náà gan-an

- Ìwé yín wà lọ́wọ́, a sì fi àmì ohùn sí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
- Ẹ ti mọ ibi tí àwọn mẹ́ta náà jókòó sí, kí ojú yín lè wà lára wọn bí ẹ bá dárúkọ.
- Ẹ ti béèrè bóyá ẹnì kan nínú wọn kò wá. Bí kò bá wá, ẹ yí «ẹ ṣeun» padà sí «ẹ bá wa sọ fún wọn».
- Ìwé ètò ti dé ọwọ́ àwùjọ.

## Bí ẹ bá ṣì gbàgbé ẹnì kan

Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ètò yìí. Bí ẹ bá rántí nígbà tí ẹ ṣì wà lórí pèpéle, ẹ sọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀, láìsọ pé ẹ gbàgbé. Àwùjọ kò ní mọ̀ pé kò sí nínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ sọ̀kalẹ̀ ni, ẹ má ṣe sáré padà síbi ẹ̀rọ gbohùngbohùn, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn yóò rántí ni pé a gbàgbé rẹ̀. Ẹ lọ bá a ní ọjọ́ náà, kí ẹ sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ yẹ kí ó wà níbẹ̀, pé ẹ̀yin ni ẹ fò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú ètò kan náà tí ẹ lò fún àwọn mẹ́ta: ohun tí ó ṣòro, ohun tí ó ṣe, ohun tí ó ti ibẹ̀ wá. Kí ẹ má fi ju gbólóhùn kan lọ bẹ̀bẹ̀ nínú lẹ́tà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gba ààyè yòókù. Bí a bá tún ìwé ètò tẹ̀, tàbí tí pátákó orúkọ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sí ibi tí ó yẹ nínú álífábẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé lẹ́yìn ni ó dé.